Nọ́ńbà Ẹnu Ọ̀nà: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Àdírẹ́sì Ilé

Ní ọdún 1986, àwọn ọ̀rẹ́ Ronald Reagan kan dáwó jọ, wọ́n sì ra ilé kan sílẹ̀ de òun àti Nancy, ìyàwó rẹ̀, ní àdúgbò Bel Air ní Los Angeles, kí tọkọtaya náà lè ríbi fẹ̀yìn tì sí lẹ́yìn ipò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ilé náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni kò tẹ́ Nancy lọ́rùn: ilé 666, òpópónà St. Cloud. Ẹni tó bá ti ka Ìwé Ìfihàn orí 13, ẹsẹ 18, mọ̀ pé nọ́ńbà ẹranko nì nìyẹn. Wọ́n bá yí nọ́ńbà ilé padà sí 668. Ibẹ̀ ni wọ́n kó wọ̀ ní 1989, ibẹ̀ náà sì ni Reagan kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 2004.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé, ká ní Nancy lọ bá àwọn tó ń fi nọ́ńbà mọ ìwà ilé, wọn ì bá sọ fún un pé kò sóhun tó ń ṣe 666. Ní ọwọ́ tiwọn, 6 àti 6 àti 6 jẹ́ 18, 1 àti 8 jẹ́ 9, ilé 9 sì jẹ́ ilé ọ̀làwọ́, ilé àwọn tó ń ṣàánú ọmọ ẹlòmíràn. Wọn a ní 668 jẹ́ ilé 2: 6 àti 6 àti 8 jẹ́ 20, 2 àti òdo jẹ́ 2, ilé tọkọtaya tó fara ti ara wọn. Àwo nọ́ńbà kan náà, ojú Bíbélì rí ẹranko nínú rẹ̀, ojú aka-nọ́ńbà rí ọ̀làwọ́. Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí pé àwọn èèyàn wa tó ń wá ilé ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ń bá ìmọ̀ yìí pàdé, àwọn kan sì ti ń fi í pinnu ibi tí wọn yóò gbé.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ó kọ nọ́ńbà ilé sílẹ̀, ẹ ó ro àwọn òǹkà inú rẹ̀ pọ̀. Bí èsì bá ju 9 lọ, ẹ ó tún ro òun náà pọ̀, títí yóò fi ku òǹkà ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká máa pe ẹyọ tó kù yìí ní ìdí nọ́ńbà. Ilé 27 ní ìdí 9. Ilé 85 á kọ́kọ́ di 13, 13 á wá di 4. Òdo kì í fi nǹkan kan kún un, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé ilé 10 ní òpópónà Downing, níbi tí olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, jẹ́ ilé 1, ilé ẹni tó ń dá dúró tó sì ń ṣáájú.

Bí lẹ́tà bá wà lára àdírẹ́sì, wọ́n á sọ ọ́ di nọ́ńbà. A títí dé I gba 1 títí dé 9. J títí dé R tún bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9. S títí dé Z gba 1 dé 8. Ẹ wo ilé 221B ní òpópónà Baker, ibi tí Arthur Conan Doyle fi Sherlock Holmes sí nínú àwọn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀. 2 àti 2 àti 1 jẹ́ 5, B jẹ́ 2, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 7. Àwọn aka-nọ́ńbà fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí gan-an, torí pé 7 ni nọ́ńbà ẹni tó ń dá ronú, tó ń tú àdììtú. Ṣùgbọ́n ilé ààrẹ Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 1600 ní Pennsylvania Avenue, jẹ́ 7 pẹ̀lú, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ibẹ̀ ní ilé ìdákẹ́jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń gbé ìlànà yìí fún Pitagórásì, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì tí wọ́n bí ní erékùṣù Sámọ́sì, tó dá ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní gúúsù Ítálì ní ọ̀rúndún 6 kí wọ́n tó bí Jésù. Òótọ́ ni pé òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbà pé nọ́ńbà ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Àmọ́ kò sílé tó ní nọ́ńbà lára nígbà ayé rẹ̀, lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n sì ń kọ, kì í ṣe lẹ́tà A títí dé Z tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Àwọn tó fún ìlànà náà ní ìrísí tó ní lónìí jẹ́ ará Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Aṣáájú wọn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ L. Dow Balliett, ará Atlantic City ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tó ń kọ ìwé lórí bí nọ́ńbà ṣe ń mì bí ohùn orin. Ọjọ́ orí ìmọ̀ yìí, bí a ṣe ń lò ó fún ilé, kò tíì ju ti àwọn ìyá ìyá wa lọ.

Nọ́ńbà ilé fúnra rẹ̀ kò sì wá láti ọ̀run. Ní ọdún 1770, ìjọba Maria Theresa kọ nọ́ńbà sára àwọn ilé ní Fiẹ́nà kí wọ́n lè mọ ilé tí ọkùnrin tó tó ogun jà wà. Ní ọdún 1805, Páríìsì tò ó lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń gbà tò ó títí dòní: nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì wà lápá ọ̀tún òpópónà, èyí tí kò ṣeé pín wà lápá òsì, odò Séènì ni wọ́n sì fi ń mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nítorí náà, ohun tí nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ń sọ ní tààrà ni pé ilé yìí jìnnà tó báyìí sí ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà, apá báyìí ló sì wà.

Ẹ mú èyí mọ́ra, nítorí òun ló ṣílẹ̀kùn ohun tí àwọn ìwé ìkà-nọ́ńbà kì í sábà sọ. Ẹ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà kan, kí ẹ máa ka ilé apá òsì: 1, 3, 5, 7, 9, 11, 13, 15, 17. Ìdí wọn ni 1, 3, 5, 7, 9, 2, 4, 6, 8. Láàárín ilé mẹ́sàn-án, gbogbo ìdí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti yọjú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ilé kẹwàá ni 19, ìdí 1 sì tún padà dé. Bákan náà ló rí lápá ọ̀tún. Ìdí ilé 1 ni ìdí ilé 19, òun ni ti 37, òun ni ti 55 àti 73. Bí ẹ bá fi 18 kún nọ́ńbà ilé yín, ilé tó ní ìwà kan náà pẹ̀lú tiyín lójú aka-nọ́ńbà ni ẹ ó bá níbẹ̀, lápá òpópónà tí ẹ̀yin náà wà.

Ohun tó fà á ni pé 9 kì í yí ìdí nọ́ńbà padà. Ẹ fi 9 kún 7, ó di 16, 1 àti 6 sì tún jẹ́ 7. Ìdí nọ́ńbà kò ju ohun tó ṣẹ́kù lọ bí a bá pín nọ́ńbà náà sí mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àfi pé ibi tí kò bá ti ṣẹ́ku nǹkan kan, 9 la ó pè é. Àwọn olùṣirò láyé àtijọ́ ti ń fi èyí yẹ ìṣirò gígùn wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn ṣì í. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dán ìmọ̀ yìí wò kò nílò ìwé kankan. Kó rin òpópónà tirẹ̀ já, kó béèrè irú ìgbésí ayé tí àwọn tó ń gbé ilé tó bá tirẹ̀ dọ́gba ní ìdí ń gbé, kó sì tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà láàárín. Bí agbára bá wà nínú ìdí nọ́ńbà, àwọn ilé tó jìnnà síra ní 18 yẹ kó jọra ju ilé tó fara kan ara wọn lọ.

Fúláàtì ló wá mú ọ̀rọ̀ le sí i, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká ti farabalẹ̀, nítorí pé fúláàtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ní ìlú òyìnbó ń gbé. Ká ní ọmọbìnrin Yorùbá kan ń wá ilé ní Pẹ́kàmù, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi Fúláàtì 3F ní ilé 124 hàn án. Àdírẹ́sì yìí ní ìdí mélòó?

Wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo ilé náà: 1 àti 2 àti 4 jẹ́ 7. Ilẹ̀kùn ìta nìyẹn, èyí tí gbogbo ayálégbé jọ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ka ilẹ̀kùn tirẹ̀: 3, kí wọ́n fi F tó jẹ́ 6 kún un, ó di 9. Bí wọ́n bá sì ro ti ìta àti ti inú pọ̀, 7 àti 9 jẹ́ 16, ó tún padà sí 7. Àwọn kan á fi orúkọ òpópónà kún un, ọ̀pọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ará òpópónà ló jọ ń jẹ́ orúkọ náà, kò sì lè ya ilé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ohun tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fẹnu kò sí ni pé ilẹ̀kùn tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tiyín ṣí ló ń sọ nípa ìgbésí ayé yín, ilẹ̀kùn ìta sì ń sọ nípa afẹ́fẹ́ tí ẹ jọ ń mí pẹ̀lú àwọn ará ilé.

Báyìí, ẹ gbọ́ bí wọn yóò ṣe ka èsì náà fún ọmọbìnrin wa. Ilé 7 ni ilé ìdákẹ́jẹ́, ilé ẹni tó ń kàwé, tó ń gbàdúrà, tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọ́n ní ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òǹkọ̀wé, kò dára fún ẹni tó ti ń dá wà tó sì ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Ilé 9 yàtọ̀ sí i pátápátá. Àlejò kì í tán níbẹ̀, ohun ìní kì í pẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń parí ohun àtijọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ tuntun. Wọn yóò wá so méjèèjì pọ̀: nínú ilé tí àwọn ará rẹ̀ kì í ráyè kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn, ìwọ ni ilẹ̀kùn rẹ máa ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọn yóò tún béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ká ní ọjọ́ 15, oṣù kẹfà, ọdún 1984 ni. 1 àti 5, 6, lẹ́yìn náà 1 àti 9 àti 8 àti 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 34, 34 sì jẹ́ 7. Wọ́n á ní òun àti ilé 124 bára mu, pé fúláàtì inú rẹ̀ ni yóò máa fà á kúrò ní ibi ìdákẹ́jẹ́ tó fẹ́.

Àwọn ìdí yòókù náà ní tiwọn. 6 ni ilé ọmọ àti oúnjẹ, òun ni wọ́n máa ń fẹ́ fún ìdílé tuntun. 8 ni ilé owó. 5 ni ilé arìnrìn-àjò, a kì í pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n sì ní àwọn nọ́ńbà kan tí wọn kì í rò já, 11 àti 22 àti 33, tí wọ́n kà sí ọ̀gá nọ́ńbà. Ẹni tó ń gbé ilé 29 tàbí 38 tàbí 47 á gbọ́ pé ilé òun jẹ́ 11, ilé ẹni tó ń rí ohun tí ojú lásán kò rí, kì í ṣe 2 lásán. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró lórí 11 àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ síwájú dé 2 wà lọ́wọ́ aka-nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibi yìí dáadáa bí ẹnikẹ́ni bá ń ka ilé fún yín. Aka-nọ́ńbà tó bá dúró sí 11 fún ẹni tínú rẹ̀ ń dùn, tó sì rò ó dé 2 fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń mì, ojú yín ló ń wò, kì í ṣe nọ́ńbà.

Ìṣòro tó tún ju ìyẹn lọ ni pé tábìlì lẹ́tà kì í ṣe ẹyọ kan. Cheiro, ará Áyálàndì tó lókìkí fún kíka àtẹ́lẹwọ́, gbé òmíràn jáde, tó pè ní ti àwọn ará Kálídéà. Nínú tirẹ̀, kò sí lẹ́tà tó gba 9, F sì jẹ́ 8, kì í ṣe 6. Ẹ padà sí Pẹ́kàmù. Fúláàtì 3F di 3 àti 8, 11, tó jẹ́ 2. Gbogbo àdírẹ́sì náà di 7 àti 11, 18, tó jẹ́ 9. Ilẹ̀kùn tó jẹ́ ilé àlejò ní òwúrọ̀ ti di ilé tọkọtaya ní ọ̀sán, àpapọ̀ àdírẹ́sì tó jẹ́ 7 bíi ti ọmọbìnrin náà kò bá a mu mọ́. Kò sí nǹkan kan tó yí padà lára ilé náà, aka-nọ́ńbà ló pààrọ̀ tábìlì. Kò sì sí ọ̀nà kankan láti mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, torí pé mi ò tíì rí ẹni tó fi ọ̀kankan wọn sọ tẹ́lẹ̀ ohun tí a lè lọ wò bóyá ó ṣẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé: ṣùgbọ́n wọ́n ka ilé mi fún mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ní ọdún 1948, Bertram Forer, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìwé tó ní òun fi ṣàlàyé ìwà oníkálukú wọn. Ó ní kí wọ́n fi máàkì láti òdo dé 5 sọ bó ṣe bá wọn mu tó. Máàkì wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 4.26. Ìwé kan náà ló fún gbogbo wọn, inú ìwé ìràwọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà ló sì ti kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe rí nìyẹn. Ilé wo ni kò ní ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ àti ọjọ́ àlejò? Ọ̀nà tí ẹ lè fi dáàbò bo ara yín ni kí ẹ kọ ohun mẹ́ta pàtó nípa ìgbésí ayé ilé yín sílẹ̀ kí wọ́n tó ka nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí wọ́n ka ti ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún yín láì sọ èyí tó jẹ́ tiyín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó dá a mọ̀.

Mi ò sọ pé nọ́ńbà ilé kò lágbára rárá. Ó ní i, ọwọ́ èèyàn ni agbára náà sì ń gbà jáde. Ẹ wo 4. Lójú àwọn aka-nọ́ńbà Amẹ́ríkà, ilé 4 ni ilé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ilé òṣìṣẹ́, ilé tí kì í wó. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà, 4 ló burú jù, nítorí pé ohùn tí wọ́n fi ń pè é sún mọ́ ohùn tí wọ́n fi ń pe ikú, 8 ló sì dára jù. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Nicole Fortin, Andrew Hill àti Jeff Huang, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ilé tí wọ́n tà ní Fáńkúfà, ní Kánádà. Ní àwọn àdúgbò tí ará Ṣáínà ti pọ̀, ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4 ń tà ní iye tó fi ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tó parí sí 8 sì ń fi ìdá 2.5 jù ú lọ. Lórí ilé mílíọ̀nù kan dọ́là, 4 ti kó 22,000 dọ́là lọ. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí wọ́n rí: ibi tí àwọn tó ń bẹ̀rù 4 bá ti pọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ń ra ilé ń dín owó ilé kù, kì í ṣe pé ó ń fa àìsàn tàbí ìjà sínú ilé.

Ìbẹ̀rù yẹn tún lè ṣe ibi níbòmíràn. Àwọn tó ń kọ́lé gíga ní Fáńkúfà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fo àjà 4, 13, 14 àti 24, kí wọ́n lè ta gbogbo fúláàtì wọn. Ní ọdún 2015, ìlú náà fòfin dè é fún àwọn ilé tuntun. Ìdí wọn rọrùn láti lóye. Bí iná bá sọ ní àjà tí wọ́n pè ní 30, tí ẹ̀rọ agbéniròkè kò sì ṣiṣẹ́, panápaná tó ń ka àjà bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Bí wọ́n bá ti fo àjà mẹ́rin, 26 ni àjà tó ń wá ní tòótọ́, kò sì sí ẹni tó máa dúró ṣàlàyé fún un nínú èéfín.

Àwọn aka-nọ́ńbà ní oògùn fún ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá yín mu. Wọ́n á ní kí ẹ fi nọ́ńbà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí ará ìta kò ti lè rí i, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Ẹni tó ń gbé fúláàtì 4 tó sì ń fẹ́ 6 á lẹ 2 mọ́ ọn. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn kan ń ná owó ńlá lórí ọ̀nà kejì, ìyẹn ni kí wọ́n lọ bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yí nọ́ńbà ilé padà. Wọ́n yí ti ilé Amityville ní New York padà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan pa òbí àti àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀ ní 1974, wọ́n wá yí nọ́ńbà 112 padà sí 108, nítorí àwọn tó ń wá wo ilé náà kò jẹ́ kí àwọn ará ilé sinmi. Ìyẹn nìkan ni irú ìyípadà tó yé mi dáadáa: wọ́n fi sé àlejò tí wọn kò pè mọ́ ìta.

Nílé wa ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ lo ìlànà yìí ní Ìbàdàn á kọ́kọ́ dúró lórí nọ́ńbà irú N4/608, èyí tí wọ́n kọ sára ilé ní àwọn àdúgbò àtijọ́. N ibẹ̀ ń tọ́ka sí apá àríwá ìlú. Bí ẹ bá kà á gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà, 5 ni, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 23, tó jẹ́ 5, ilé ẹni tí kì í pẹ́ níbì kan. Bí ẹ kò bá kà á, 18 ni, tó jẹ́ 9, ilé ọ̀làwọ́. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ògiri ló ní nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun, wọ́n kọ méjèèjì sí ibì kan náà. Ṣé ìwà ilé yí padà ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbé ọ̀dà dé? Ìwé ìkà-nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ fún òpópónà tiwọn kò ní ìdáhùn sí èyí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó pọ̀ mọ́ Ifá nítorí pé Ifá náà ní nọ́ńbà. Odù 16 àti 256 kò ní ìṣirò àdírẹ́sì nínú. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin ló ń mú Odù jáde, ẹsẹ Ifá ló ń túmọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni babaláwo fi ń kọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ràn ìkà yìí, ẹ lò ó bí ìbéèrè nípa bí ẹ ṣe fẹ́ gbé nínú ilé tí ẹ ti ní. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ilé rẹ̀ jẹ́ 7 lè bi ara rẹ̀ bóyá òun ti ń dá wà jù, ìbéèrè gidi ni, bí nọ́ńbà tilẹ̀ jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ilé tó dára tí owó rẹ̀ ká yín nítorí ìdí nọ́ńbà. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà ilé yín ló ń fa àìsàn tàbí àìríṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé 4 ni nọ́ńbà ilé tí ẹ fẹ́ rà ní àdúgbò tí àwọn tó ń bẹ̀rù 4 ti pọ̀, ẹ fi dúnàádúrà kí wọ́n dín owó kù fún yín, kí ẹ sì rántí pé ẹ̀yin náà lè pàdánù iye kan náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ nọ́ńbà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ lẹ̀ ẹ́. Èyí tó wà níta ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: ẹ jẹ́ kó tóbi, kí iná tàn sí i, kí àwọn tó ń wakọ̀ aláìsàn lè rí i lóru.